Páàdì mẹ́rin lórí tẹlifíṣọ̀n kan: bí mo ṣe pín bulutúùtù sí méjì

Iṣẹ́ tí mo ṣe nìyí o, mo ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kó má baà di pé mo gbàgbé bí gbogbo ẹ̀ ṣe lọ. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kan wà nílẹ̀ tí síkíríìnì ẹ̀ ti fọ́ ṣùgbọ́n tí inú ẹ̀ ṣì dáa, ni mo bá ní kí n sọ ọ́ di ẹ̀rọ géèmù tó máa jókòó sábẹ́ tẹlifíṣọ̀n, kí èèyàn mẹ́rin lè jọ máa gbá géèmù kan náà, kálukú pẹ̀lú páàdì tiẹ̀ àti igun síkíríìnì tiẹ̀. Linux ni mo fi sí i. Géèmù tí mo yàn ni SuperTuxKart, torí ọ̀fẹ́ ni, kì í jẹ dátà, eré ọkọ̀ sísá ni, ó sì mọ síkíríìnì pín dáadáa. Páàdì DualShock 4 ni mo ní, ìyẹn páàdì PS4, mẹ́rin, tòkunbọ̀ ni gbogbo wọn ṣùgbọ́n ojúlówó ni. (Géèmù bọ́ọ̀lù tí gbogbo wa mọ̀ yẹn ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí o, kámẹ́rà kan ṣoṣo ni gbogbo yín jọ ń wò níbẹ̀, kò sí síkíríìnì tí wọ́n pín.)

Síso páàdì yìí mọ́ Linux ò le rárá. Ẹ di bọ́tìnnì Share àti PS mú pọ̀ títí iná ẹ̀ á fi máa ṣẹ́jú kíákíá ní méjì-méjì, kí ẹ wá ṣí terminal:

```
bluetoothctl
scan on
pair AA:BB:CC:00:00:01
trust AA:BB:CC:00:00:01
connect AA:BB:CC:00:00:01
```

Àdírẹ́sì àwòṣe lèyí, èyí tí ẹ bá rí tí wọ́n kọ "Wireless Controller" sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni kí ẹ fi rọ́pò ẹ̀. Ẹ má fo `trust` o, torí tí ẹ ò bá ṣe é, lọ́jọ́ kejì tí ẹ bá tẹ PS, páàdì á kan ilẹ̀kùn, kọ̀ǹpútà ò ní ṣí i fún un. Tó bá ti wọlé, dírafà Linux á fún un ní àwọ̀ bó ṣe tò dé: búlúù ni àkọ́kọ́, pupa ni ìkejì, àwọ̀ ewé ni ìkẹta, píńkì ni ìkẹrin. Nínú géèmù, tí wọ́n bá ti yan eré ìsáré àwọn èèyàn púpọ̀, ẹni tó bá fẹ́ wọlé á tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń yìnbọn, ó ti di ọ̀kan nínú wọn nìyẹn.

Èèyàn méjì gbá a, ó dùn. Ẹ̀kẹta wọlé, kò sí wàhálà. Nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó kéré jù mú páàdì kẹrin ni ariwo bẹ̀rẹ̀, "Bọ̀ọ̀dá, páàdì yìí ò gbọ́ tèmi!" Mo gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, mo wò ó, lóòótọ́ ni, tí mo bá yí ọkọ̀ sápá òsì, á dúró díẹ̀ kó tó yí, á wá yí kọjá ibi tí mo fẹ́, ó ti lọ fi orí sọ ògiri. Páàdì ò já o, iná píńkì ẹ̀ ń tàn kedere. Ó kàn ń pẹ́ ni.

Nǹkan méjì ló lè fa irú ẹ̀, àwọn èèyàn sì máa ń pò wọ́n pọ̀, torí ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ yà wọ́n sọ́tọ̀ kí n tó lọ síwájú. Ọ̀kan ni kí kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀ máa mí hẹlẹ. Ìkejì ni kí ọ̀rọ̀ má tètè dé láti ọ̀dọ̀ páàdì. Ọ̀nà tó yá jù láti mọ̀ ni kí ẹ lọ sínú Options kí ẹ tan Display FPS, ìyẹn iye àwòrán tí kọ̀ǹpútà ń yà ní sẹ́kọ́ǹdù kan. Tó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà ló rẹ̀, nọ́ńbà yẹn á wálẹ̀, gbogbo ẹni tó ń gbá a á sì jọ rí i lẹ́ẹ̀kan náà pé ó ń fà. Tó bá jẹ́ pé nọ́ńbà dúró gírí tí ẹnì kan tàbí méjì ṣì ń pariwo, ẹ lọ wo rédíò.

Tèmi, àwọn méjèèjì ló wà níbẹ̀. Tí ẹ bá pín síkíríìnì 1920×1080 sí mẹ́rin, igun kọ̀ọ̀kan á jẹ́ 960×540, ẹ lè wá rò pé iṣẹ́ ò pọ̀ sí i, ṣebí iye àmì tó wà lójú síkíríìnì náà ló ṣì wà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ẹ̀rọ máa ya gbogbo ayé inú géèmù yẹn fún àwòrán kan ṣoṣo, igi, òkè, ọkọ̀, òjìji wọn, ẹ̀ẹ̀kan fún ojú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Torí ẹ̀ ni dídín resolution kù nìkan ò fi ṣe púpọ̀ fún mi. Ohun tó ṣe é ni pé mo pa Dynamic lighting, òjìji àti ìmọ́lẹ̀ tó gbówó lórí bá a lọ, ẹwà géèmù dín kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n lórí igun síkíríìnì kékeré yẹn ta ló ń wo òjìji igi? FPS wá dúró lé 60, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́, pẹ̀lú èèyàn mẹ́rin.

Páàdì kẹrin ṣì ń pẹ́. Ẹ̀kẹta náà ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ díẹ̀-díẹ̀.

Méje tí wọ́n kọ sílẹ̀, mẹ́ta tí ọwọ́ bà

Ẹ máa gbọ́ níbi gbogbo pé bulutúùtù lè gba ẹ̀rọ méje lẹ́ẹ̀kan náà. Òótọ́ ni. Rédíò tó jẹ́ ọ̀gá máa ń fún ẹni tó bá wọlé ní nọ́ńbà kékeré kan tó jẹ́ bíìtì mẹ́ta, bíìtì mẹ́ta ò sì lè ju nọ́ńbà mẹ́jọ lọ, òdo lára wọn wà fún ìgbà tí ọ̀gá bá ń bá gbogbo wọn sọ̀rọ̀ lápapọ̀, ó ku méje. Ibẹ̀ ni méje yẹn ti wá, kì í ṣe pé ẹnì kan jókòó kó sọ pé méje ti tó. Ṣùgbọ́n méje yẹn jẹ́ iye àga tó wà nínú yàrá, kò sọ iye ọ̀rọ̀ tí kálukú máa ráyè sọ.

Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ rèé. Bulutúùtù àtijọ́, irú tí DualShock 4 ń lò, gé sẹ́kọ́ǹdù kan sí àyè 1600, ọ̀kọ̀ọ̀kan ò ju máíkírósẹ́kọ́ǹdù 625 lọ. Páàdì ò lè dédé sọ̀rọ̀, ọ̀gá gbọ́dọ̀ pè é ná nínú àyè kan, kó tó dáhùn nínú àyè tó tẹ̀ lé e. Ìpè kan, ìdáhùn kan, àyè méjì ti lọ. Bẹ́ẹ̀ ni 1600 ṣe di 800 ìdáhùn ní sẹ́kọ́ǹdù kan, 800 yìí sì ni gbogbo páàdì tó wà lórí rédíò kan jọ máa pín, tó bá jẹ́ pé ojú ọjọ́ dáa, tí nǹkan kan ò sọnù lójú ọ̀nà.

Dírafà Linux tó ń ṣàkóso DualShock 4 wá ní kí páàdì kọ̀ọ̀kan máa jíṣẹ́ ní mílísẹ́kọ́ǹdù mẹ́rin-mẹ́rin, ìyẹn ìgbà 250 ní sẹ́kọ́ǹdù kan. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Páàdì méjì, 500. Páàdì mẹ́ta, 750, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún dẹ́nu. Páàdì mẹ́rin, 1000, nínú 800! Ìṣòro ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn gan-an, kò sì sí ohun tó kan bátìrì tàbí ọwọ́ ọmọ. Ìròyìn tí páàdì yìí ń kó wá náà tún gùn, báìtì 78, torí kì í ṣe bọ́tìnnì nìkan ló ń ròyìn, ó ń sọ bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn, ibi tí ìka wà lórí pátákó ìfọwọ́kàn, bí bátìrì ṣe kù sí. Tí ìròyìn bá gùn ju ohun tí àyè kan lè gbé, á gba àyè mẹ́ta tàbí márùn-ún, 800 yẹn á sì tún wálẹ̀ sí i. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé kò ní já. Ọ̀rọ̀ á kàn máa tò sẹ́yìn ara wọn, ẹ̀yin á rò pé páàdì ló ti gbó.

Mi ò fẹ́ gba ìṣírò gbọ́ láìwò ó lójú, mo wá wọ̀n ọ́n. Páàdì kan máa ń hàn bí ẹ̀rọ mẹ́ta nínú Linux: páàdì fúnra ẹ̀, Touchpad, àti Motion Sensors. Motion Sensors yẹn ló dáa jù fún wíwọ̀n, torí kì í dákẹ́, bí ẹ ò tiẹ̀ fọwọ́ kàn án, gbogbo ìròyìn tó bá wọlé ló máa fi àmì sílẹ̀. Ẹ tẹ `sudo evtest` nìkan ná kí ẹ lè rí nọ́ńbà ẹ̀ nínú àkójọ, lẹ́yìn náà kí ẹ fi nọ́ńbà yẹn rọ́pò 18 tó wà níbí:

```
sudo timeout 10 evtest /dev/input/event18 | grep -c SYN_REPORT
```

Ó máa ka iye ìròyìn tó wọlé láàárín sẹ́kọ́ǹdù mẹ́wàá. Páàdì kan ṣoṣo lórí rédíò, nọ́ńbà náà sún mọ́ 2500, bó ṣe yẹ kó rí. Mo tan mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo tún wọ̀n ọ́n, èyí tó dáa jù nínú wọn ò pé 2000, píńkì ló sì burú jù. Mo wá tan ìsopọ̀ íńtánẹ́ẹ̀tì láti orí fóònù, tó ń ṣiṣẹ́ lórí 2.4 GHz bíi bulutúùtù, mo ní kó máa wa fídíò wálẹ̀, nọ́ńbà gbogbo wọn tún já. Inú láptọ́ọ̀pù púpọ̀, káàdì kan náà ló ń ṣe Wáì-fáì àti bulutúùtù, áńténà kan náà ni wọ́n sábà máa ń jọ lò, tí ọ̀kan bá ń sọ̀rọ̀ ìkejì á dúró dè é. Ẹni tí Wáì-fáì ẹ̀ bá lè lo 5 GHz, kó gbé e lọ síbẹ̀. Èmi kàn pa á ni, SuperTuxKart ò béèrè íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Rédíò kejì

Ojútùú tó wà ni kí wọ́n má jọ pín 800 kan náà. Rédíò kejì ní 800 tiẹ̀. Linux ò bínú sí i, ẹ lè ki dọ́ńgù bulutúùtù bọ ihò USB, á di `hci1` lẹ́gbẹ̀ẹ́ `hci0` tó wà nínú láptọ́ọ̀pù tẹ́lẹ̀. Ṣé àwọn méjèèjì ò ní máa ja ara wọn? Díẹ̀ ni. Bulutúùtù ń fò kiri lórí ojú ọ̀nà 79, rédíò méjì tí kálukú ń fò tiẹ̀ ò ní sábà bọ́ sí ojú ọ̀nà kan náà lẹ́ẹ̀kan náà.

Dọ́ńgù tí mo kọ́kọ́ gbà lọ́jà, irú kékeré tó pọ̀ lórí àtẹ yẹn, ayédèrú ni. Ẹ ó dá a mọ̀ tí `lsusb` bá fi `0a12:0001` hàn tí àdírẹ́sì ẹ̀ sì jẹ́ `00:1A:7D:DA:71:13`. `0a12:0001` nìkan ò túmọ̀ sí ayédèrú o, ojúlówó tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ wà, àdírẹ́sì yẹn ló ń tú wọn fó, torí àwọn tó ń ṣe ayédèrú lẹ àdírẹ́sì kan náà mọ́ àìmọye wọn. Dọ́ńgù kan, ẹ lè ṣe é lọ. Tí ẹ bá ra méjì, orúkọ kan náà ni wọ́n máa jẹ́, tí ẹ bá tẹ PS páàdì á máa pe àdírẹ́sì tí méjì ń jẹ́, `bluetoothctl` náà ò ní mọ èyí tí ẹ ní kó mú. Mo dá a padà, ẹni tó tà á ò fẹ́ gbà, ọ̀rọ̀ pọ̀, a fi síbẹ̀. Èyí tí mo wá lò, ṣíìpù RTL8761B ló wà nínú ẹ̀, àdírẹ́sì tiẹ̀ dá yàtọ̀, Linux sì dá a mọ̀ láìjẹ́ pé mo wá dírafà kiri.

Ẹ kọ́kọ́ wo orúkọ wọn, kí ẹ yan èyí tí ẹ fẹ́ lò kí ẹ tó so páàdì:

```
bluetoothctl
list
select AA:BB:CC:00:00:F1
remove AA:BB:CC:00:00:03
select AA:BB:CC:00:00:F2
scan on
pair AA:BB:CC:00:00:03
trust AA:BB:CC:00:00:03
connect AA:BB:CC:00:00:03
```

F1 níbí ni rédíò inú láptọ́ọ̀pù, F2 ni dọ́ńgù, 03 ni páàdì kẹta. Ẹ rántí pé páàdì gbọ́dọ̀ wà ní ipò síso kí ẹ tó ṣe `scan on` yìí, Share àti PS bíi ti àkọ́kọ́. Ohun kan dáa lára DualShock 4, ilé kan ṣoṣo ló ń rántí. Èyí tí ẹ bá so mọ́ dọ́ńgù, dọ́ńgù ló máa pè nígbàkigbà tí ẹ bá tẹ PS, kò ní ṣáko lọ sọ́dọ̀ ìkejì. Mo so méjì mọ́ inú, méjì mọ́ dọ́ńgù, mo wá fi téèpù pupa tí wọ́n fi ń wé waya iná lẹ̀ mọ́ ikùn àwọn ti dọ́ńgù, torí àwọ̀ iná ò ṣe é gbára lé, ẹni tó bá tètè tan tiẹ̀ ló máa gba búlúù.

Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: inú láptọ́ọ̀pù, àwọn méjèèjì padà sí itòsí 2500. Dọ́ńgù, ọ̀kan dáa, ìkejì ń ṣe ségesège. Háàdì dísíkì tí mo ki bọ ihò USB 3.0 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ló fà á. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àròsọ, Intel gbé ìwé jáde lórí ẹ̀ ní 2012, pé ariwo tí USB 3.0 ń mú wá bọ́ sí agbègbè 2.4 GHz gan-an. Mo fi waya USB tó fa nǹkan gùn gbé dọ́ńgù kúrò nítòsí háàdì dísíkì, mo gbé e sórí tábìlì tẹlifíṣọ̀n níwájú níbi tí ó ti ń rí páàdì lójúkojú, ó sì tò. Ọmọ yẹn wá gba ipò kejì nínú ìsáré tó tẹ̀ lé e, a ò gbádùn ilé mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n ṣe irú ẹ̀ fún òun lórí Windows. Mo ní kò ní rí bákan náà, torí Windows kì í lo ju rédíò bulutúùtù kan lọ lẹ́ẹ̀kan, tí ẹ bá ki dọ́ńgù mọ́ èyí tó wà nínú, ẹ gbọ́dọ̀ pa ọ̀kan. Odi mìíràn sì tún wà níbẹ̀ tí kò kan rédíò rárá: XInput, ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ géèmù Windows fi ń bá páàdì sọ̀rọ̀, nọ́ńbà 0 sí 3 ló mọ̀. Láti ayé Xbox 360 ló ti wá, ẹ̀rọ yẹn ò gbà ju èèyàn mẹ́rin lọ. Tí géèmù bá jẹ́ ti XInput nìkan, ẹ lè so páàdì mẹ́wàá, kọ̀ǹpútà á rí gbogbo wọn, géèmù á rí mẹ́rin. Ẹ má lọ ra rédíò torí ẹ̀. Fún ẹni tó ní páàdì Xbox, dọ́ńgù Xbox Wireless Adapter ti Microsoft gba mẹ́jọ, torí kì í ṣe bulutúùtù ló ń sọ, ṣùgbọ́n odi XInput ṣì ń dúró dè é níwájú.

Àwọn ẹ̀rọ géèmù fúnra wọn náà ní òdiwọ̀n tiwọn. PS3 gba páàdì méje, PS4 wálẹ̀ sí mẹ́rin. Nintendo Switch gba mẹ́jọ, ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi bulutúùtù gbọ́ ohùn láti inú ẹ̀ sí etí, ó di méjì péré, torí ohùn máa ń jẹ àyè ju páàdì lọ. Ẹni tó bá ń bi ara ẹ̀ pé kí ló dé tí páàdì ẹ̀ kẹta kọ̀ láti wọlé lórí Switch, kó yọ ìgbọ́ròó yẹn ná.

Ẹni karùn-ún

Àlejò dé, páàdì PS4 tiẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀, a fẹ́ kó wọ inú géèmù dípò ẹnì kan tó ti rẹ̀. Mi ò fẹ́ fi ẹ̀kẹta kún rédíò kankan, mo ní kó lo waya. Páàdì orí waya ò bá ẹnikẹ́ni pín àyè, ó sì ń jíṣẹ́ ní mílísẹ́kọ́ǹdù mẹ́rin-mẹ́rin láìyẹ̀. Iná ẹ̀ wá tàn búlúù, bíi ti ẹni àkọ́kọ́, torí àwọ̀ mẹ́rin péré ni dírafà ní, ẹni karùn-ún á padà síbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa retí ìjà kékeré lórí "èmi ni búlúù".

Waya tí ẹ máa lò ṣe pàtàkì o. Ọ̀pọ̀ waya tí wọ́n tà fún ṣíṣáájì fóònù ò ní okùn dátà nínú, iná nìkan ló ń gbé. Àmì ẹ̀ ni pé páàdì á máa tàn ní àwọ̀ ọsàn rọra-rọra bí ẹni ń mí, ó ń gba ṣáájì, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń wo `sudo dmesg -w`, àkọsílẹ̀ ohun tí Linux ń rí, nígbà tí ẹ bá ń ki waya bọ̀ ọ́, nǹkan kan ò ní yọjú.

Èyí tó yàtọ̀ sí i ni kí ẹ ki waya gidi bọ páàdì tó ti wà lórí bulutúùtù tẹ́lẹ̀, kí ẹ wá rí `Duplicate device found for MAC address` nínú dmesg. Páàdì ò bàjẹ́. Dírafà rí i pé ẹni tó ń wọlé láti ẹnu ọ̀nà waya yìí ti wà nínú ilé láti ẹnu ọ̀nà bulutúùtù, ó wá kọ èyí tó kẹ́yìn, ẹ ṣì wà lórí rédíò, ṣáájì nìkan ni waya ń fún yín. Tí ẹ bá fẹ́ kó bọ́ sórí waya lóòótọ́, ẹ yọ waya, ẹ di PS mú títí iná á fi kú, kí ẹ tó tún ki waya náà bọ̀ ọ́.